Oṣù Tí Ọjà Kú Ni Ká Fi Wọn Ṣọ́ọ̀bù

Ọmọ tó bá gbòmìnira nídìí iṣẹ́ irun nílùú Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò sì lówó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ ni pé kó lọ bá ẹni tó ti ní ṣọ́ọ̀bù, kó háyà àga kan níbẹ̀. Yóò kó òòyà àti ìlarun tirẹ̀ wá, yóò máa dìrí fún oníbàárà tirẹ̀, yóò sì máa san owó àga fún oníṣọ́ọ̀bù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù. Àwọn kan kì í san iye kan pàtó, wọ́n a máa pín owó iṣẹ́ orí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oníṣọ́ọ̀bù ni. Èyí ó wù kó jẹ́, kò sí ẹni tó háyà àga tí kì í ronú ọjọ́ tí òun náà yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ògiri. Ìgbà wo gan-an ló yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò dáhùn pé ìgbà tí owó ṣọ́ọ̀bù bá pé ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó lè pé kí ṣọ́ọ̀bù má pé. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìgbà tí àwọn oníbàárà tó ń padà wá bá lè gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró ní oṣù tí ọjà kú jù lọ láàárín ọdún, ìgbà yẹn ni ọmọ náà tó tó ṣọ́ọ̀bù í gbà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan ṣe ìṣirò. Kì í ṣe ẹnì kan tí ẹ lè nàka sí. Ohun tó máa ń dé bá àwọn onídìrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí ni mo kó jọ sára rẹ̀. Àwọn iye owó tí n ó máa dá náà, fún ìṣirò ni, kí kálukú fi ti àdúgbò rẹ̀ rọ́pò wọn. Ọmọ wa yìí háyà àga ní ọ̀nà Òkè-Ajé, ó ń san 4,000 náírà lọ́sẹ̀, ìyẹn 16,000 lóṣù. Lọ́jọ́ kan, ó rí ṣọ́ọ̀bù òfìfo kan tí onílé ń béèrè 180,000 náírà lé lórí lọ́dún. Ó pín in sí oṣù méjìlá, ó rí i pé 15,000 náírà ni yóò máa bọ́ sí lóṣù. Ṣé ẹ rí i báyìí? Gbogbo ṣọ́ọ̀bù wá kéré sí àga kan ṣoṣo! Ìṣirò yìí ló ti tan ọ̀pọ̀ jáde, nítorí kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kò parí ni. Nínú 16,000 tó ń san lórí àga, iná wà níbẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, bésínì tí a fi ń fọ orí wà níbẹ̀, ẹ̀rọ agbẹrun, dígí ńlá, owó ẹgbẹ́, owó ìjọba ìbílẹ̀ àti owó kólẹ̀kódọ̀tí, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó tóbi jù ni èrò tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ọlọ́ṣọ́ọ̀bù, tó máa ń yà wọlé nígbà tí ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù bá dí. Nínú 15,000 ti ṣọ́ọ̀bù tuntun, ògiri mẹ́rin àti ilẹ̀kùn ló wà níbẹ̀. Bí a bá fi 20,000 iná àti epo kún un, ká fi 7,000 oríṣiríṣi owó tí wọ́n máa ń wá gbà lẹ́nu ọ̀nà kún un, 42,000 náírà ló di lóṣù, láìtíì sọ ti oúnjẹ.

Ọdún Iléyá ló sún un dé ìdí àṣìṣe náà. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ bí ìlú ṣe máa ń rí nígbà tí Ojúde Ọba bá ń bọ̀. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn regbéregbé yóò tò níwájú ọba pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú yóò ti Èkó àti òkè òkun wálé, kò sì sí onídìrí tó ń rí ààyè jẹun dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú rẹ̀. (Ẹnì kan lè ní gèlè ló kúkú máa bo orí. Àmọ́ ta ló fẹ́ wé gèlè olówó ńlá lé irun tó ti hù?) Ọmọ wa dìrí fún 80 orí lóṣù yẹn. Bí a bá mú orí kan pẹ̀lú òmíràn, tí a fi ṣùkú olówó kékeré gbe irun oníatáṣímẹ́ǹtì tó ń gba odindi ọjọ́, 3,500 náírà ni owó iṣẹ́ orí kan. Ìyẹn jẹ́ 280,000 náírà. Ó yọ owó àga, ó yọ 60,000 tó fi ń gbọ́ bùkátà, ó ku 204,000. Ó fi 150,000 tó ti dá lájọ kún un, ó di 354,000. Ó san owó ọdún kan fún onílé, ó san owó àgírímẹ́ǹtì àti ti éjẹ́ǹtì, gbogbo rẹ̀ 216,000. Ó fi 130,000 ra dígí, àga méjì, ẹ̀rọ agbẹrun àlòkù àti ọ̀dà. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 8,000 náírà. Àwọn ará ilé wá bá a ṣàdúrà, wọ́n jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì, wọ́n lọ.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, 20 orí péré ló wá. Nígbà tó wà lórí àga, oṣù tí ọjà bá kú kì í sábà fún un ju 30 lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ka àwọn tó ń yà láti ojú títì sí ọ̀tọ̀. Àwọn yẹn kò tẹ̀ lé e. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ń bá bọ̀, wọn kì í ṣe oníbàárà rẹ̀. 20 orí jẹ́ 70,000 náírà. Bí ó bá san iná, epo àti àwọn owó ẹnu ọ̀nà, tó sì fi 15,000 pamọ́ de owó ilé ọdún tó ń bọ̀ bó ti yẹ, 28,000 ló kù fún ẹni tó ń ná 60,000. Kódà bí kò bá fi kọ́bọ̀ pamọ́, 43,000 ni. Níbo ló wá ti ń rí ìyókù? Nínú owó ọjà ni. Èyí sì ni àìsàn tó ń pa ṣọ́ọ̀bù irun láìjẹ́ pé oníṣọ́ọ̀bù mọ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Bí oníbàárà bá san 9,000 náírà fún irun tí a fi atáṣímẹ́ǹtì dì, tí 3,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìdì atáṣímẹ́ǹtì méjì tó mú nínú ṣọ́ọ̀bù, owó iṣẹ́ jẹ́ 6,000. 3,000 yẹn kì í ṣe èrè, owó ìdì méjì mìíràn tí a gbọ́dọ̀ gbé padà sórí pẹpẹ ni, àfi díẹ̀ tó lé lórí rẹ̀. Onídìrí tó ń kó méjèèjì sínú àpò ẹ̀pùrọ́ọ̀nù kan náà yóò rò pé òun pa 9,000 lónìí. Bí iye ọjà kò bá yí padà, àìsàn náà lè pẹ́ kó tó hàn. Bí iye ọjà bá fò sókè, ojú ẹsẹ̀ ló ń hàn. Ẹ rántí ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni ìjọba kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, jálá epo tí kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500. Ní oṣù kẹfà, báǹkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tí kò tó 480 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,400 nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024. Òkè òkun, ní ilẹ̀ bíi Jàpáàn àti Ṣáínà, ni òwú oníkẹ́míkà tí a fi ń ṣe atáṣímẹ́ǹtì ti ń wá, nítorí náà èyí tí a dì nílẹ̀ wa pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ dọ́là. Ẹni tó ta ìdì mẹ́wàá, tó sì ná díẹ̀ nínú owó rẹ̀, yóò rí i pé ìyókù kò ra ju márùn-ún lọ. Láìpẹ́, pẹpẹ yóò ṣófo, oníbàárà tó bá wá yóò ní kí òun lọ ra tòun wá, ibi tó bá sì ti lọ rà á ni wọn yóò ti bá a dì í.

Bí ọdún ṣe yípo tí owó ilé tún pé, ọmọ wa kò rí i san. Ó ta dígí, ó gbé àga méjèèjì lọ sílé ìyá rẹ̀, ó padà sórí àga àháyà. Àwọn kan máa ń ka irú ìpadàsẹ́yìn bẹ́ẹ̀ sí ìtìjú. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dára, nítorí ìwé kékeré kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù, irun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, iye tó san fún iṣẹ́ àti iye tó san fún ọjà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé ó kàn ń kọjá, ó fi àmì sí i. Owó ọjà kò bá a sùn mọ́: ojoojúmọ́ ni alájọ ń gbà á. Bí àjọ wa ṣe rí, a kò níí ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ Ìjẹ̀bú. Táíwò Olúnáíkè, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọdún 1915 ni wọ́n bí i. Alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún làálàá rẹ̀, kò sì sí èlé lórí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí a bá wò ó lójú báǹkì, àdánù ni. Ṣùgbọ́n owó ọjà tó wà lọ́wọ́ alájọ, ọwọ́ ebi kò tó o títí dìgbà tí oṣù bá parí, ohun tí onídìrí wa sì nílò nìyẹn.

Ìwé yẹn kọ́ ọ ní ohun kejì, tó jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́ gan-an. Ó rí i pé àwọn kan tó ṣe irun oníatáṣímẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀kan kò padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó yẹ kí wọ́n tú u. Ó pè wọ́n lórí fóònù. Ohun tí wọ́n sọ jọra: irun náà rẹwà, àmọ́ ó dùn wọ́n mọ́jú, etí irun wọn sì ń já. Fífà ni. Ọ̀pọ̀ onídìrí ló gbà pé irun tí kò bá le kò ní pẹ́, wọ́n á wá fà á láti iwájú orí níbi tí irun ti fẹ́lẹ́ jù. Àmì rẹ̀ kò fara sin: bí oníbàárà kò bá lè gbé ìpéǹpéjú sókè-sódò láìrọ́jú, bí awọ orí bá gbé sókè nídìí irun, tàbí tí ìléròrò wẹ́wẹ́ yọ síwájú orí ní ọjọ́ kejì, ó ti le jù. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójú kan náà, irun ibẹ̀ lè má hù mọ́. Ọmọ wa dín ìwọ̀n atáṣímẹ́ǹtì tó ń fi sí iwájú orí kù, ó ń fi díẹ̀díẹ̀ bọ̀ ọ́ bó ṣe ń dì í lọ sẹ́yìn, ó sì ń sọ fún oníbàárà pé kó má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Irun rẹ̀ kò wá tọ́jọ́ tó ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Àmọ́ orí tó ń padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, owó ọdọọdún rẹ̀ ju ti orí tó wá lẹ́ẹ̀kan, tó sọ pé irun náà lo oṣù mẹ́ta, tí a kò sì rí i mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dá àwọn tó máa takò mí lóhùn. Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń sọ pé bí ọmọ yẹn bá ń dúró de oṣù tí ọjà kú, ẹlòmíràn yóò gba ṣọ́ọ̀bù náà, owó ilé yóò sì ga sí i. Òtítọ́ ni pé owó ilé ń ga. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò wa: bí owó ilé bá ti 180,000 lọ sí 240,000, 5,000 náírà ni iyàtọ̀ rẹ̀ lóṣù, kò tó owó iṣẹ́ orí méjì. Ọmọ yìí kò ṣubú nítorí 5,000, àìtó orí mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù ló gbé e ṣubú. Àwọn mìíràn yóò ní kí ló dé tí kò fi yáwó. Kì í ṣe pé mo kórìíra owó yíyá. Nílùú yìí gan-an, ní òpin àwọn ọdún 1990, ètò ìdínkù ìṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabógùnjẹ́ olóògbé léwájú rẹ̀ fi yíyá àwọn oníṣẹ́ kéékèèké lówó sí ara ohun tó ṣe, ẹni tó bá sì wo iye iṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde yóò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Àmọ́ owó yíyá tí a ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò mọ̀ pé Iléyá ti kọjá. Ó yẹ fún ẹ̀rọ agbẹrun tàbí jẹnẹrétọ̀ tí oníbàárà tó wà nílẹ̀ yóò san owó rẹ̀. Kò yẹ fún ṣọ́ọ̀bù tí a ń retí pé yóò fa oníbàárà wá.

Àwọn kan yóò sì sọ pé ìlú tó ní Ojúde Ọba kò yẹ kó bẹ̀rù oṣù tí ọjà kú. Kí wọ́n wo kàlẹ́ńdà. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ọdún tí a fi ń ka owó ilé. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 8 oṣù kan náà ni. Ẹni tí owó ilé rẹ̀ ń pé ní ìparí oṣù kẹfà, tó ti fọkàn sí i pé owó ọdún ni òun yóò máa fi san án, yóò rí i pé ọdọọdún ni àyè tó wà láàárín méjèèjì ń fẹ̀ sí i, owó náà yóò sì ti tán kí onílé tó kan ilẹ̀kùn. Ní ọdún 2020, tí àrùn kòrónà dé, kò sí Ojúde Ọba rárá. Owó ọdún dára láti fi ra nǹkan èlò tàbí láti fi kún owó ìpamọ́. Bí a bá gbé owó ilé kà á, a ti gbé e lé ohun tó ń rìn.

Àtakò tó wúwo jù lójú tèmi kì í ṣe ti owó. Oníṣọ́ọ̀bù kan lè bi mí pé: ìwọ tó ní kí ọmọ máa kọ orúkọ oníbàárà sínú ìwé, ṣé kì í ṣe pé o ń kọ́ ọ láti kó oníbàárà mi lọ ni? Ìbéèrè náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Kì í sì ṣe tòní. Ní Amẹ́ríkà, Màdáámù C. J. Walker, tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí ọjà irun, aláròóta fún Annie Malone ni tẹ́lẹ̀. Ọjà Malone ló ń tà nígbà tó kó lọ sí ìlú Denver ní ọdún 1905. Ní ọdún 1906 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀, ọdún yẹn náà ni Malone fi òfin dáàbò bo orúkọ ọjà rẹ̀, Poro, nítorí àwọn tó ń ṣe àfarawé rẹ̀. Àwọn méjèèjì di abánidíje títí ọjọ́ fi lọ. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìjà ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí a kò ti la ohun tó jẹ́ ti kálukú sílẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n là á sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń fẹnu kò lórí owó àga: ẹni tó bá béèrè oníṣọ́ọ̀bù lórúkọ, tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá béèrè ọmọ tó háyà àga lórúkọ, tàbí tó mú un wá láti ìta, ti ọmọ náà ni. Ẹni tó kàn yà wọlé láti títì, ti oníṣọ́ọ̀bù ni bí ọmọ náà tilẹ̀ bá a ṣe é, kò sì gbọ́dọ̀ pè é nígbà tó bá ń lọ. Ẹ kíyè sí i pé òfin yìí kò pa ọmọ náà lára. Àwọn tó ń yà láti títì kì í tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, a sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó kà wọ́n mọ́ tirẹ̀.

Ó lo ọdún méjì sí i lórí àga. Ṣọ́ọ̀bù tó fojú sí máa ná an ní 42,000 lóṣù, oúnjẹ àti bùkátà jẹ́ 60,000, ó sì fẹ́ máa fi 18,000 pamọ́ fún àtúnṣe ẹ̀rọ àti àìsàn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 120,000. Bí a bá fi 3,500 pín in, ó lé díẹ̀ ní orí 34, ká pè é ní 35. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí oṣù kìíní, nígbà tí Kérésìmesì ti gba owó lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ó fi ìlà pa àwọn tó yà láti títì rẹ́, ó sì ka àwọn tó kù. Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n jẹ́ 23. Kò kúrò. Ní ọdún kejì, wọ́n jẹ́ 36. Ó fi 81,000 náírà sílẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn epo, iná àti owó ẹnu ọ̀nà fún oṣù mẹ́ta, kó tó bá onílé sọ̀rọ̀ rárá. Kò lọ jìnnà: ibi tí oníbàárà rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Òkè-Ajé ló wá, kò sì sún mọ́ ọ̀gá àga rẹ̀ débi tí wọ́n á máa wo ojú ara wọn láti ẹnu ọ̀nà. Àga méjì tó ti wà nílé ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó gbé wọn jáde, ó nù wọ́n.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira wá béèrè àga kejì, wọ́n fẹnu kò sí 4,000 náírà lọ́sẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ti oníbàárà sínú ìwé kí ọmọ náà tó gbé òòyà wọlé. 16,000 lóṣù, ó ju owó ilé lọ, ẹlòmíràn ì bá sì ti sọ pé ṣọ́ọ̀bù ti dọ̀fẹ́. Onídìrí wa kò kọ ọ́ mọ́ owó tó gbé ṣọ́ọ̀bù ró. Ó ṣí ojú ewé mìíràn fún un lẹ́yìn ìwé, nítorí pé ọmọ tó jókòó sórí àga kejì náà ti ń kọ orúkọ oníbàárà tirẹ̀, oṣù èyíkéyìí ló sì lè lọ.